Kóńgò Tí A Fi Ń Wọn Kòkòrò

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn òṣìṣẹ́ láàbù àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ́nu ni mo kọ ọ́ síbí. Ibi tí mo ti dúró mu omi nìkan ni mo yọ kúrò.)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú oòrùn, ẹ kú ìrìn. Mo rí àwọn tó ti Ṣágámù wá, mo rí ará Ìkẹ́nnẹ́ àti ará Ìlíṣàn, mo sì rí àwọn ọmọ Àgọ́-Ìwòyè tí wọ́n lọ jókòó sítòsí ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ tètè sá lọ. Ẹ máa bọ̀ níwájú níbí. Ohun tí mo gbé wá kéré, ẹni tó bá jìnnà kò ní rí i.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí sẹ́ńsítífítì tí a ń fi dísìkì ṣe, àyẹ̀wò tó ń sọ oògùn tó lè borí kòkòrò àrùn fún wa. Ta ni nínú yín tí kò ṣe é rí? Kò sí. Ẹ ó fi súwáàbù tẹ́ kòkòrò sórí ágà, oúnjẹ kòkòrò tó dì sínú pléètì, ẹ ó fi dísìkì oògùn lé e, ẹ ó gbé e sínú ínkúbétọ̀, bó bá di ọjọ́ kejì ẹ ó fi rúlà wọn ibi tí kòkòrò kò ti lè hù, èyí tí à ń pè ní sóònù. Látọdún 1966 tí Bauer, Kirby, Sherris àti Turck ti kọ ọ̀nà náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé ni a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó wọ láàbù lóṣù tó kọjá lè ṣe é. Èyí gan-an ló jẹ́ kó léwu. Iṣẹ́ tí ọwọ́ bá ti mọ̀, ojú kì í wò ó mọ́.

Nítorí náà n kò ní kà gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ fún yín lónìí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín fà gùn: báwo ni omi kòkòrò yín ṣe ki tó kí ẹ tó ti súwáàbù bọ̀ ọ́? N ó sọ ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi, mo sì fẹ́ kí ẹ fọkàn bá mi rìn.

Àṣìṣe tí mo fọwọ́ sí

Ní 2021 ni. N kò ní dárúkọ láàbù náà, ẹ má bi mí. Ìtọ̀ obìnrin kan ni wọ́n gbé wá, ìtọ̀ náà hu kòkòrò E. coli, ó pọ̀, ó sì mọ́, kò sí nǹkan míràn nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó mọṣẹ́ dáadáa ló ṣe sẹ́ńsítífítì rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé fọ́ọ̀mù wá síwájú mi. Oògùn síprò, dísìkì oní-5 máíkírógíráàmù, sóònù rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 27. Nínú tábìlì CLSI, àjọ tó ń gbé ìlànà láàbù kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, láti 26 sókè ni a ń kọ S, ìyẹn ni pé oògùn náà á ṣiṣẹ́. 22 sí 25, I ni, ìyẹn àárín méjì. 21 sísàlẹ̀, R ni, kòkòrò ti borí oògùn. 27 ju 26 lọ, àbí? Mo fọwọ́ sí i. Mo tiẹ̀ ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ nígbà tí mo ń fọwọ́ sí i.

N kò wo pléètì. Ẹ gbọ́ o: n kò wo pléètì. Nọ́ńbà ni mo wò.

Ohun tó gbà mí ni pé ọjọ́ yẹn náà jẹ́ ọjọ́ tí a máa ń ṣe kòkòrò àyẹ̀wòsí, E. coli ATCC 25922, èyí tí gbogbo ayé mọ iye tí sóònù rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Ní ọ̀sán ni ọmọkùnrin náà padà wá, ojú rẹ̀ ti yí. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kọ́ńtíróòlù kò wọlé." Sóònù oògùn jẹ́ńtá tó yẹ kó wà láàárín 19 sí 26 jẹ́ 28. Seftiráyásóònù tó yẹ kó wà láàárín 29 sí 35 jẹ́ 37. Àwọn méjèèjì fò kọjá òkè. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lo wákàtí mẹ́fà.

Mo pe dókítà lórí fóònù, mo ní kó jọ̀ọ́ dá èsì wa dúró ná. Mo wá ní kí ọmọkùnrin náà jókòó, ká jọ wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ wá.

Eré ìje tó wà lórí pléètì

Kí n tó sọ ibi tí a ti rí i, ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ló ń pinnu ibi tí etí sóònù máa wà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, kí ni? Ọ̀pọ̀ máa ní agbára oògùn ni. Òótọ́ ni, àmọ́ ààbọ̀ òótọ́ ni.

Eré ìje ni. Bí ẹ bá ti gbé dísìkì lé ágà, lójú ẹsẹ̀ ni oògùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀ lọ, bí omi tó kán sórí gàrí gbígbẹ. Ẹ ti rí i rí: àárín á rin gbingbin, bó ṣe ń jìnnà ni ọ̀rinrin ń dín kù. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn ṣe rí nínú ágà. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í sún dísìkì mọ́ bó bá ti fara kan ágà. Oògùn ti sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ ẹ bá sún un, ibi méjì lẹ ti da oògùn sí.

Oògùn ń rìn lọ, kòkòrò náà kò jókòó. Ó ń bí sí i. E. coli tó rí oúnjẹ àti ooru tó bá a lára mu máa ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ibi tí kòkòrò bá ti pọ̀ tó kí oògùn tó ki tó níbẹ̀, oògùn kò lè ràn án mọ́. Etí sóònù dé nìyẹn. Ní wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ti parí ìjà yìí. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń sùn ní òru, tí ẹ rò pé àyẹ̀wò ń lọ lọ́wọ́, ohun tó kù kò ju kí kòkòrò hù títí ojú yóò fi rí ohun tí wọ́n ti pinnu ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí kòkòrò tí a tẹ́ bá kéré jù. Ká ní ó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tó yẹ. Kó tó di ìlọ́po mẹ́wàá, kó tó dé ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, ó nílò kó bí ní ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta àti díẹ̀ sí i. Ogún ìṣẹ́jú lọ́nà mẹ́ta àti díẹ̀, ó lé ní wákàtí kan. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni, ó lé ní wákàtí méjì. Ní gbogbo àkókò yẹn, ṣé oògùn dúró dè é? Kò dúró. Ó ń rìn lọ ní tirẹ̀. Nígbà tí kòkòrò bá máa fi pọ̀ tó, oògùn ti lọ jìnnà. Sóònù á tóbi. Oògùn kò lágbára sí i, kòkòrò kò rọ̀ sí i, àwọn tó wá sójú ìjà ló kéré.

Bó bá sì pọ̀ jù ńkọ́? Òdìkejì ni. Kòkòrò á ti kún kí oògùn tó dé, sóònù á súnkì, ẹ ó kọ R fún oògùn tó lè wo aláìsàn sàn. Àṣìṣe méjèèjì burú, àmọ́ n kò ní pọ́n ọn fún yín: èyí tó ń fi S èké ránṣẹ́ ni mo bẹ̀rù jù, torí dókítà á gbà á gbọ́, á sì máa dúró kí oògùn ṣiṣẹ́.

Kóńgò

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú, n kò lè kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ gàrí. Ẹ mọ̀ pé kóńgò kan kì í ṣe kóńgò kan bí a kò bá tíì mọ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n. Èyí kan á lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọ inú. Èyí kan á fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀ dànù kí ó tó dà á sí ọ̀rá. Èyí kan á pọ́n ọn lórí bí òkè, òun náà á sì máa pè é ní kóńgò kan. Bí ìwọ bá lọ sílé lọ sọ pé kóńgò gàrí kan bọ́ ènìyàn mẹ́fà, kóńgò ta ni o ń sọ?

Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà tó wà nínú tábìlì CLSI rí. 26 tí wọ́n kọ síbẹ̀, orí kóńgò kan pàtó ni wọ́n kọ ọ́ lé. Kóńgò yẹn lorúkọ rẹ̀ ń jẹ́ McFarland 0.5. Omi kòkòrò tó bá ki tó o máa ń ní nǹkan bí mílíọ̀nù 100 sí mílíọ̀nù 200 kòkòrò nínú mìlílítà kọ̀ọ̀kan, bó bá jẹ́ E. coli. Ẹni tó bá fi kóńgò míràn wọn tirẹ̀, tó wá ń wo tábìlì yẹn, ọjà ẹlòmíràn ló ń fi owó tirẹ̀ ná.

Ẹ lè ṣe kóńgò náà fúnra yín, kò wọ́n. Ẹ pèsè omi sọ́fúríìkì ásíìdì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ wọn mìlílítà 99.5 nínú rẹ̀. Ẹ mú bàríọ́ọ̀mù kílóráìdì tó jẹ́ gíráàmù 1.175 nínú mìlílítà 100 omi, ẹ wọn ààbọ̀ mìlílítà péré, ẹ dà á sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Omi náà á di funfun. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, ẹ gbé e sórí 625 nánómítà. Ó gbọ́dọ̀ ka láàárín 0.08 sí 0.13. Ẹ pín in sínú túùbù tó ní ọmọrí líle, irú túùbù kan náà tí ẹ fi ń ṣe omi kòkòrò yín gan-an, torí túùbù tó sanra àti èyí tó tín-ín-rín kì í jọ ara wọn lójú. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú òkùnkùn. Lóṣooṣù, ẹ tún un wò lórí ẹ̀rọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù nípa túùbù yẹn rèé: funfun inú rẹ̀ kì í ṣe wàrà. Ẹ̀tù ni. Ó máa ń rì sísàlẹ̀. Bí túùbù bá ti jókòó sórí ráàkì láti àná, gbogbo funfun rẹ̀ ti sùn sí ìsàlẹ̀, òkè rẹ̀ á mọ́ bí omi òjò.

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ti mọ ibi tí mo ń lọ.

Bí a ṣe wá a

Àmọ́ lọ́jọ́ náà, àwa kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe tọ̀ ọ́, torí ọ̀nà tí a gbà wúlò ju ibi tí a dé lọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi ara mi ni pé: ṣé oògùn kan ló tóbi jù, àbí gbogbo wọn? Bó bá jẹ́ jẹ́ńtá nìkan ló jáde, dísìkì jẹ́ńtá ni n bá kọ́kọ́ mú, tàbí ágà, torí jẹ́ńtá kò fẹ́ràn ágà tó kan. Bí ágà bá kan jù, agbára rẹ̀ á dín kù. Àmọ́ jẹ́ńtá fò, seftiráyásóònù náà fò, wọ́n sì fi ọ̀nà kan náà fò. Oògùn méjì tí kò bára tan, inú páálí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Nǹkan tó kan gbogbo wọn pa pọ̀ ni a gbọ́dọ̀ wá.

Kí ló lè mú gbogbo sóònù tóbi lẹ́ẹ̀kan náà? Ágà tó fẹ́lẹ́ ni àkọ́kọ́. Ágà gbọ́dọ̀ nípọn tó mìlímítà mẹ́rin. Bó bá fẹ́lẹ́, oògùn kò ráyè lọ sísàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló máa gbà, sóònù á fẹ̀. Pléètì oní-90 mìlímítà gba bíi mìlílítà 25 kó tó nípọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣẹ́ ágà nítorí pé ọjà ti wọ́n, tó ń da 15 sí i, mìlímítà méjì àti díẹ̀ ló ní. Mo fura sí èyí gan-an, n kò ní purọ́ fún yín, torí mo mọ bí owó ágà ṣe rí lọ́dún yẹn. A fi ọ̀bẹ gé pléètì náà láàárín, a fi rúlà wọ̀n ọ́n: mẹ́rin géérégé. Ágà mọ́ lọ́rùn.

Èkejì ni ínkúbétọ̀. Iná lọ ní òru, kí ló kàn? Ooru á lọ sílẹ̀, kòkòrò á fà sẹ́yìn, oògùn á máa rìn lọ ní tirẹ̀. Eré ìje kan náà ni. Ìwọ̀n 35°C ló yẹ kó wà fún wákàtí 16 sí 18. Ẹ̀yin tí jẹnẹrétọ̀ yín máa ń sùn ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn o: àwọn wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, bí iná yóò bá lọ, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má lọ ní ìrọ̀lẹ́. Àmọ́ a wo ìwé tí a fi ń kọ ìwọ̀n ooru, iná kò lọ lọ́jọ́ náà. A tún bi í bóyá ó gbé pléètì sílẹ̀ pẹ́ lórí tábìlì lẹ́yìn tó fi dísìkì sí i kó tó gbé e sí ínkúbétọ̀. Ó ní rárá, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òpin, ó ṣì wà nínú ààlà.

Ìgbà yẹn ni mo tó wo pléètì gan-an. Mo gbé e sí abẹ́ iná, mo tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó yẹ kó rí bí ẹní tí a tẹ́, kí ó gún régé láti etí dé etí, kí ojú má lè ya ìdì kòkòrò kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Èyí tí mo rí dà bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sí, toto, toto. Mo lè fi bírò tọ́ka sí wọn níkọ̀ọ̀kan. Pléètì obìnrin náà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí ẹ bá ti rí toto báyìí, ẹ má wulẹ̀ mú rúlà. Kò sí ohun tí ẹ ń wọ̀n níbẹ̀. Ẹ tún un ṣe.

Mo ní, "Fi bí o ṣe ṣe omi kòkòrò rẹ hàn mí." Ó mú ìdì kòkòrò mẹ́rin tó jọra, ó pò ó mọ́ omi oníyọ̀, ó dára. Ó wá na ọwọ́ sí ráàkì, ó rọra yọ túùbù McFarland, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni yọ ẹyin lábẹ́ adìyẹ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

Jẹ́ẹ́jẹ́! Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé kó máa mú nǹkan olówó jẹ́ẹ́jẹ́. Funfun ti sùn sí ìsàlẹ̀ túùbù, òkè mọ́. Òkè tó mọ́ yẹn ni ó wò, ó sì fi omi oníyọ̀ la kòkòrò rẹ̀ títí tirẹ̀ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ bákan náà. Kòkòrò ti di ìdá díẹ̀ nínú ohun tó yẹ. Ó tẹ̀lé ìlànà dé ibi tí a kọ ọ́ dé, torí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri wa kọ pé "Fi wé McFarland". Kò kọ pé "Gbọ̀n ọ́n". Ta ló sì kọ ìwé ọ̀hún? Èmi ni.

A gbọn túùbù náà lórí ẹ̀rọ títí ẹ̀tù kankan kò fi kù nísàlẹ̀. A mú páálí funfun tí a fi bírò dúdú fa ilà sí, a gbé túùbù méjèèjì síwájú rẹ̀ nítòsí fèrèsé, a ń wo ilà náà láàárín omi. Bí ilà bá ṣe ń ṣókùnkùn lẹ́yìn ọ̀kan ni kó ṣe máa rí lẹ́yìn èkejì. Èyí tí ó kọ́kọ́ ṣe kò sún mọ́ ọn rárá. Ó fi kòkòrò kún un títí tó fi bára mu. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, ó ti ti súwáàbù bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara túùbù lókè omi kó jò dànù, torí súwáàbù tó ń kán tótó náà ń ba kóńgò jẹ́. Ó fi nu gbogbo ojú ágà, ó yí pléètì díẹ̀, ó tún nù ún, ó tún yí i, ó tún nù ún, ó wá fi yí etí ká.

Ní ọjọ́ kejì, ojú ágà gún bí ẹní. Kọ́ńtíróòlù: jẹ́ńtá 24, seftiráyásóònù 33. Wọ́n wọlé. Síprò ti obìnrin náà: 23.

23, kì í ṣe 27. I ni, kì í ṣe S. Mìlímítà mẹ́rin péré ló wà láàárín èsì méjèèjì, inú túùbù tí a kò gbọ̀n ló sì ti wá. A fi èsì tuntun ránṣẹ́, dókítà mú oògùn míràn tí sóònù rẹ̀ fi ibi púpọ̀ kọjá ààlà.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan bọ̀ ọ́ tó ń dùn mí títí dòní. Tábìlì tó wà lára ògiri ní láàbù míràn tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ti àtijọ́ ni. Ní tábìlì àtijọ́ yẹn, kí CLSI tó yí i padà ní 2019, láti 21 sókè ni síprò ti ń jẹ́ S fún E. coli. Bó bá jẹ́ òun ni a lò, 27 á jẹ́ S, 23 náà á jẹ́ S, a ò sì ní rí ìdí láti yí èsì náà padà. Ẹ lọ wo ọdún tó wà lórí tábìlì yín. Bó bá ti pọ́n bí ìwé àtijọ́, ẹ yọ ọ́.

Wíwọ̀n

Èyí kò gùn. Ẹ̀yìn pléètì ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, lórí aṣọ tàbí pátákó dúdú tí kò dán, kí iná wá láti òkè. Ojú lásán ni kí ẹ fi wò ó. Bí ẹ bá nílò awò agbára láti rí ìdì kòkòrò kan létí, ẹ má kà á. Mìlímítà odidi ni, ẹ má kọ 22.5 fún mi. Dísìkì fúnra rẹ̀ wà nínú ohun tí ẹ ń wọ̀n, mìlímítà mẹ́fà ni òun nìkan, nítorí náà bí kò bá sí sóònù rárá, mẹ́fà ni ẹ ó kọ, kì í ṣe òdo. Bí kòkòrò Proteus bá rìn bí ìkùukùu wọnú sóònù, ẹ gbójú fò ó, etí tó hàn ni kí ẹ wọ̀n. Àmọ́ bí ìdì kòkòrò gidi bá jókòó sínú sóònù tó mọ́, ẹ má gbójú fò ìyẹn láéláé. Ó lè jẹ́ kòkòrò méjì ni ẹ pò mọ́ra, ó sì lè jẹ́ ọmọ ilé kan náà tó ti mọ oògùn. Ẹ mú un, ẹ tún un gbìn, ẹ tún un ṣe.

Ìbéèrè kan

Ọmọ mi obìnrin tó wọ aṣọ àlàárì yẹn, mo rí ọwọ́ rẹ.

Ó ní: "Ẹ ṣeun, mà. Ní ibi tí mo ti ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, dísìkì mẹ́wàá tó so pọ̀ bí ìràwọ̀ la máa ń lò. Mo gbọn McFarland o, mà, ágà mi nípọn, síbẹ̀ àwọn sóònù kì í rí róbótó, wọ́n ń wọnú ara wọn. Ṣé èmi ni mo ń ṣe é bàjẹ́ ni?"

O kò bà á jẹ́, ọmọ mi. Jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ó yẹ kí àárín dísìkì kan sí àárín èkejì jẹ́ mìlímítà 24 ó kéré tán. Pléètì rẹ jẹ́ 90. Ká ní àwọn dísìkì mẹ́wàá náà tò yí ká lórí òbírí tí àárín rẹ̀ sí etí rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 30. Yíyíká rẹ̀ jẹ́ bíi 188. Pín in sí mẹ́wàá: 18 àti díẹ̀. Kò pé 24, kò sì lè pé lórí pléètì yẹn láìjẹ́ pé dísìkì sún mọ́ etí jù. Márùn-ún ni pléètì yẹn lè gbà dáadáa. Sóònù tó bá jẹ́ 32 ti dé ilé aládùúgbò kó tó parí. O lè wọ̀n láti àárín dísìkì dé etí kan tó mọ́, kí o sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, àmọ́ ìyẹn kò yanjú rẹ̀ bí oògùn méjì bá ń ran ara wọn lọ́wọ́ láàárín. Sọ fún ọ̀gá rẹ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kí wọ́n ra dísìkì ẹlẹ́yọ. Bí wọ́n bá ní owó kò sí, fi pléètì méjì ṣe é: gé àwọn dísìkì náà kúrò lára ìràwọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, kí o sì fi márùn-ún sórí pléètì kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé kò lẹ́wà. Ó sàn ju ohun tí o ń ṣe lọ.

Kò sí ìbéèrè míràn? Ó dára. Pléètì mẹ́ta wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, E. coli kan náà ló wà lórí wọn, dísìkì kan náà, ágà kan náà, àárọ̀ yìí ni mo yọ wọ́n ní ínkúbétọ̀. Ọ̀kan ni mo fi McFarland tí mo gbọ̀n ṣe, ọ̀kan ni mo fi omi tó ṣàn ṣe, ọ̀kan ni mo fi èyí tó ki bí ẹ̀kọ ṣe. N kò kọ nǹkan kan sí wọn lára. Rúlà wà níbẹ̀, pátákó dúdú wà níbẹ̀. Ẹ tò wá ní mẹ́ta mẹ́ta, ẹ wo ojú ágà kí ẹ tó wọ̀n, kí ẹ sì sọ èwo ni èwo fún mi. Àwọn ará Àgọ́-Ìwòyè ni kó kọ́kọ́ wá.